Kí ẹ tó buwọ́ lu lẹ́tà àdéhùn ọ́dítọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣe òwò ìdílé, bí lẹ́tà àdéhùn bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ́dítọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ojúṣe àwọn alákòóso sí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe ìṣírò owó, tí ẹ ó sì dènà jìbìtì. Tiwọn ni láti yẹ ìṣírò náà wò kí wọ́n sì sọ èrò wọn, kì í ṣe láti máa ṣọ́ àbúrò tó wà nídìí owó.

Ẹ má sì fi ìbuwọ́lù falẹ̀. Bí ọdún ìṣírò yín bá parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí lẹ́tà náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá títí di oṣù Kejì, kò ní sí ọ́dítọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ka ọjà ìparí ọdún. Wọ́n lè ka ọjà lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìwé ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde ṣírò padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìwé wọ̀nyí kò bá pé, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iye ọjà, báńkì tí ẹ fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì kà á.