Pákò Tàbí Búrọ́ọ̀ṣì: Ẹ Má Fọ Eyín Iwájú Nìkan

A kọ ìwé yìí nítorí ohun tí a rí nígbà tí a yẹ eyín àwọn ìdílé oníkòkó wò. Eyín iwájú ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ahọ́n ti dúdú, àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ sì ti lu. Bó ṣe rí lẹ́nu àwọn tó ń run pákò náà ló rí lẹ́nu àwọn tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì. Eyín tí aráyé ń rí nìkan ni wọ́n ń fọ̀.

Pákò kì í ṣe nǹkan àtijọ́ tó yẹ kí a jù nù. Lọ́dún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà kí àwọn tó ti mọ́ lára máa lò ó. Orín àtà dára, pákò Ìjẹ̀bú náà dára. Kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó nípọn bí ìka ọmọńdinrín. Bó bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀. Ẹ bó èèpo orí rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ sì jẹ ibẹ̀ títí yóò fi di fọ́nrán wẹ́wẹ́. Bí kò bá tíì di fọ́nrán, ẹran ìdí eyín ni yóò máa họ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: jíjẹ pákò kì í ṣe fífọ eyín. Ẹlòmíràn á ki pákò bọ ẹnu láti ilé, á jẹ ẹ́ dé oko, á tutọ́, ó ti parí. Orí eyín nìkan ni ìyẹn kàn. Fọ́nrán yẹn lẹ óò fi fọ̀ ọ́. Ti òkè, ẹ fà á wálẹ̀ láti ìdí eyín; ti ìsàlẹ̀, ẹ fà á sókè. Ẹ má fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, torí ẹran ìdí eyín yóò sún kúrò, kì í sì í padà. Fọ́nrán pákò kọjú síwájú gbọọrọgbọ ni, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti búrọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kó dé ẹ̀yìn eyín. Ẹ fi eyín tẹ fọ́nrán náà kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ la ẹnu dáadáa, kí ẹ sì rọra tì í wọ inú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 ṣe é, ó kéré tán. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé ibi tí ẹ ti lò sọnù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé pákò létí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí, ẹ má sì fi ọwọ́ tó po oògùn kòkó mú un kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé a ṣì ní láti sọ èyí.

Ti búrọ́ọ̀ṣì, èyí tó rọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó le kì í fọ eyín mọ́ jù, ṣe ló ń dá egbò sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹ páálí ọṣẹ ìfọyín wò bóyá fúlọ́ráìdì wà nínú rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ tí wọ́n kọ ppm sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ 1000 sí 1500. Fúlọ́ráìdì yìí ni kì í jẹ́ kí eyín tètè lu. Bí ẹ bá fọ̀ tán, ẹ tutọ́, ẹ má fi omi yọ ẹnu lójú ẹsẹ̀.

Èwo wá ni ká mú? Ẹ jẹ́ ká wo ilé ẹlẹ́ni mẹ́ta. Baálé tó ti mọ pákò lára lè máa lò ó láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ eyín kó tó sùn, torí itọ́ máa ń dínkù lóru, ìdọ̀tí a sì ráyè ba eyín jẹ́. Ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń mì, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ọmọ ọdún 4 kò gbọ́dọ̀ di pákò mú sáré kiri. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kí ẹ fún un, ọṣẹ tó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan. Kí àgbà sì bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọmọ ọdún 7. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ọṣẹ tó tó ẹyọ ìrẹsì kan ti tó o.

Bí ẹ bá ti fọ̀ tán, ẹ fi ahọ́n tọ́ ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ níwájú wò. Bó bá ṣì ń há ahọ́n, ẹ tún un fọ̀. Bó bá le bí òkúta, pákò kò lè yọ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò lè yọ ọ́, oníṣègùn eyín ló lè há a kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá eyín fífọ dúró. Ìdọ̀tí tó wà nídìí eyín ló sábà ń fà á. Ẹ máa rọra fọ̀ ọ́, bí kò bá sì dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ sílé ìwòsàn.