Pẹ̀lúpẹ̀lù mẹ́jọ nínú àròkọ kan: bí mo ṣe tún un ṣe

Máàkì mẹ́jọ ni mo pàdánù lórí àròkọ alárìíyànjiyàn kan, kì í sì í ṣe àmì ohùn ló fà á, kì í ṣe gírámà. Ohun tí ẹni tó máàkì rẹ̀ kọ sí etí ìwé ni pé: "Àwọn kókó rẹ dára, ṣùgbọ́n wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀." Ó wá fi bírò pupa yí "pẹ̀lúpẹ̀lù" ká níbi mẹ́jọ. Inú bí mi, torí ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ asopọ̀ ló ń mú àròkọ lẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Orí àròkọ náà ni pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú fóònù wọ kíláàsì. Mi ò ní sọ nípa ìfáàrà àti yíyan kókó, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí mo ti jìyà ni mo fẹ́ sọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo jókòó láti tún un kọ ni pé mo kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ pẹ̀lúpẹ̀lù kan di "síwájú sí i", mo sọ òmíràn di "bákan náà", mo sọ ìkẹta di "yàtọ̀ sí èyí". Nígbà tí mo kà á sókè, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló rí. Gbogbo wọn iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sọ fún òǹkàwé pé kókó mìíràn ń bọ̀, kó fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Bí ohun tó tẹ̀ lé e kì í bá ṣe àfikún, aṣọ lásán la pààrọ̀ fún un.

Mo wá pa gbogbo ọ̀rọ̀ asopọ̀ inú àròkọ náà rẹ́ pátápátá. Láàárín gbólóhùn kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ iṣẹ́ tí èkejì ń ṣe fún ti ìṣáájú: àfikún, ìdí, àbájáde, ọ̀rọ̀ alátakò, èsì sí alátakò. Nínú pẹ̀lúpẹ̀lù mẹ́jọ yẹn, méjì péré ló jẹ́ àfikún. Méjì jẹ́ ìdí, ọ̀kan jẹ́ àbájáde, ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ alátakò wọlé, ọ̀kan fún un lésì. Èyí tó kù kò ṣe nǹkan kan, torí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kàn tún ohun tí mo ti sọ sọ ni. Mo yọ gbólóhùn náà kúrò, kò sì sí ohun tó dín.

Ìdí àti àbájáde kò fún mi ní wàhálà. Ìbéèrè méjì ni mo fi mọ̀ wọ́n. Bí gbólóhùn kejì bá dáhùn "kí ló dé?", "nítorí pé" ló yẹ ẹ́. Bó bá dáhùn "kí ló wá ṣẹlẹ̀?", "nítorí náà" ni, tàbí "ìdí nìyí tí". Mo ti kọ tẹ́lẹ̀ pé "Wọn kì í gbọ́ àlàyé olùkọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wọn kì í lè dá iṣẹ́ àṣetiléwá ṣe." Ẹ wò ó, èkejì ti inú èkínní jáde. Pẹ̀lúpẹ̀lù sọ wọ́n di ẹ̀sùn méjì tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àríyànjiyàn mi sì di aláìlágbára nígbà tí ó yẹ kó lágbára jù.

Ìpínrọ̀ kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sọ bírò sílẹ̀. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ rèé:

"Fóònù máa ń fa ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, tí ọ̀kan bá dún, gbogbo kíláàsì ló máa ń yíjú síbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, fóònù wúlò fún ṣíṣe ìwádìí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, olùkọ́ kò lè mọ ẹni tó ń ṣe ìwádìí yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣeré."

Gbólóhùn kẹta kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ alátakò ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lúpẹ̀lù tó mú un wọlé kó o mọ́ tèmi, bí ẹni pé mo ti yí ẹ̀yìn padà láàárín ìpínrọ̀. Mo fi "ṣùgbọ́n" rọ́pò rẹ̀, gbólóhùn kẹrin náà sì ń fẹ́ "ṣùgbọ́n" tirẹ̀ láti fún un lésì. Ṣùgbọ́n méjì tẹ̀ lé ara wọn, òǹkàwé yí ojú lọ sí ọ̀tún, ó tún yí i padà sí òsì, kò sì mọ ibi tí mo dúró sí mọ́. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó rí i pé "lóòótọ́" ni mo ń wá. Tí òǹkàwé bá ti rí "lóòótọ́", ó ti mọ̀ pé mo ń gba nǹkan kan fún alátakò fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì ti ń retí "ṣùgbọ́n". "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé… síbẹ̀" náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀rọ̀ alátakò ṣáájú, kí tiyín gbẹ̀yìn, torí èyí tó gbẹ̀yìn ni òǹkàwé máa ń mú lọ.

Bó ṣe wá rí nìyí, inú mi sì dùn sí i gan-an:

"Fóònù máa ń fa ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́. Kì í sì í ṣe ọkàn ẹni tó ni ín nìkan: tí ọ̀kan bá dún, gbogbo kíláàsì ló máa ń yíjú síbẹ̀. Lóòótọ́, fóònù wúlò fún ṣíṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè mọ ẹni tó ń ṣe ìwádìí yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣeré."

Ẹ kíyè sí "sì" inú gbólóhùn kejì. Àfikún ni òun náà ń ṣe, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn ló wà, kò jókòó sí iwájú kó máa pariwo. Ẹ̀yìn olùwà ló máa ń wà, kó tó kan ọ̀rọ̀-ìṣe: "Fóònù dún, olùkọ́ sì dákẹ́." Àwọn kan máa ń fi "àti" sí ibẹ̀, "Fóònù dún àti olùkọ́ dákẹ́", èyí kò tọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "àti" ń so: fóònù àti ìwé. Tó bá jẹ́ odidi gbólóhùn, "sì" ni, tàbí "àti pé".

Ohun tí ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀ ni kí n ti mọ̀ pé ibòmíràn wà tí kò nílò ọ̀rọ̀ asopọ̀ rárá. Ìpínrọ̀ kẹrin mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìdàrúdàpọ̀ yìí ló ń bí olùkọ́ nínú." Ọ̀rọ̀-orúkọ kan tó kó ohun tí a ti sọ jọ, pẹ̀lú "yìí" lẹ́yìn rẹ̀, ti so ìpínrọ̀ méjì pọ̀. Kí ọ̀rọ̀-orúkọ náà ṣáà ṣe pàtó. "Èyí" nìkan lè jẹ́ kí òǹkàwé máa bi ara rẹ̀ pé èwo nínú ohun mẹ́ta tí mo sọ. Nígbà tí mo dé orí àwọn òbí, tó jẹ́ ọ̀nà mìíràn pátápátá, "Ní ti àwọn òbí ẹ̀wẹ̀" ló gbé mi débẹ̀.

Pẹ̀lúpẹ̀lù kan ṣoṣo ló kù nínú àròkọ náà báyìí. Ìpínrọ̀ tó ṣáájú ìkádìí ló wà, níbi tí mo ti sọ pé fóònù ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wo iṣẹ́ ara wọn nínú ìdánwò, lẹ́yìn tí mo ti parí ọ̀rọ̀ ìdíwọ́ ẹ̀kọ́. Kókó tuntun ni, tèmi ni, kò sì ti inú èyí tó ṣáájú jáde.