Bí mo ṣe tú ìbéèrè ìdánwò nọ́ọ̀sì kan wò, tí àlàyé rẹ̀ kò sì dúró

Inú àkójọ ìbéèrè ìgbáradì fún ìdánwò NCLEX ti Amẹ́ríkà ni mo ti mú un. Aláboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wà lórí dírípù mágíníṣíọ́ọ̀mù kí gìrì má baà mú un. Ó ń mí ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, orúnkún rẹ̀ kò ta mọ́ bí a ti fi hámà kàn án, mìlílítà 20 péré ni ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí tó kọjá. Kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn A ní kó pe dókítà. B ní kó dá dírípù dúró. C ní kó fún un ní kálísíọ́ọ̀mù gulukónéètì gíráàmù 1 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀. D ní kó tún ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wọ̀n. C ni wọ́n yàn, àlàyé wọn kò sì ju gbólóhùn kan lọ: òun ni ẹ̀rọ̀ mágíníṣíọ́ọ̀mù.

Mo kọ́kọ́ fi ìwé bo àlàyé náà, mo mú ìdáhùn tèmi, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka àlàyé ṣáájú, gbogbo rẹ̀ ló máa dùn létí rẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé oògùn náà ti pọ̀ jù lára obìnrin yìí. Kíndìnrín ló ń lé e jáde, ìtọ̀ sì ti ń dínkù, nítorí náà èyí tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ. B ni mo mú.

Lẹ́yìn náà ni mo bi àlàyé wọn ní ìbéèrè méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé òtítọ́ ni? Òtítọ́ ni: kálísíọ́ọ̀mù gulukónéètì ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, gíráàmù 1 sì jẹ́ mìlílítà 10 omi oògùn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ó dáhùn ohun tí wọ́n bi wá? Rárá o. “Kọ́kọ́” ló wà nínú ìbéèrè. A gbọ́dọ̀ wá kálísíọ́ọ̀mù, ká fà á sí abẹ́rẹ́, ká sì rọra fún un; ní gbogbo àsìkò yẹn dírípù ṣì ń kán. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni dídá a dúró máa gbà. Irú àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù: ọ̀rọ̀ tó jóòótọ́, tí kò sì kan ìbéèrè.

Àlàyé náà dákẹ́ lórí A, B àti D, ibẹ̀ ni mo tún ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbìyànjú láti kọ ìdí kan tí B fi kùnà, láìfi ohun tí kò sí nínú ìbéèrè kún un. Kò ṣeé ṣe. Àfi kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “nọ́ọ̀sì ti dá dírípù dúró”, nígbà náà ni C máa di ìdáhùn. Mo sì kíyè sí i pé C nìkan ló ní ìwọ̀n oògùn àti ọ̀nà tí a ó gbà fún un. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa mágíníṣíọ́ọ̀mù lè fi gígùn rẹ̀ mú un, ìyẹn náà sì jẹ́ àbùkù.

Níbi iye ni mo ti dúró pẹ́ jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fún ni ní mágíníṣíọ́ọ̀mù mìíràn àyàfi tí èémí bá tó 16, tí orúnkún ń ta, tí ìtọ̀ sì tó mìlílítà 30 ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, 12 ni wọ́n sábà máa ń lò fún èémí. Èémí 10 kò fa àríyànjiyàn, nítorí ó lọ sílẹ̀ ju méjèèjì lọ. Bí ìbéèrè bá mú 14, tí kò sọ bí orúnkún àti ìtọ̀ ti rí, nọ́ọ̀sì tó ti ń fi 16 ṣiṣẹ́ máa dá oògùn dúró, ẹni tó ń ka ti Amẹ́ríkà máa jẹ́ kó máa lọ. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò dán ìmọ̀ wò. Ìtọ̀ wákàtí kan ṣoṣo náà kò tó fi dá ẹjọ́. Orúnkún àti èémí ló gbe ìbéèrè yìí ró.

Kí n tó dá a lẹ́bi, mo wo ìwé àlàyé oògùn náà àti ìlànà ìtọ́jú aboyún. N kò lo àkójọ ìbéèrè mìíràn bí ẹ̀rí, torí wọ́n máa ń da ti ara wọn kọ.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí: ìbéèrè kò yí padà, B ni ìdáhùn. Ìdáhùn A ló tẹ̀ lé e, torí dídúró de dókítà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oògùn máa wọlé. C wá lẹ́yìn ìyẹn, bí ìlànà wọ́ọ̀dù tàbí àṣẹ dókítà bá ti wà. D kò kan ewu tó wà níwájú wa, torí èémí ló ń lọ.