Oòrùn kì í bá òórùn ṣọ̀rẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń sọ lọ́fíńdà di kíkan

"Àǹtí, ayédèrú lẹ tà fún mi."

Oníbàárà mi kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bó ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, tó sì gbé ìgò mílílítà 100 ka orí káńtà. Kò tíì tó oṣù mẹ́jọ tó rà á. Mo fọ́n ọn sórí bébà pélébé kan, mo gbé e sún mọ́ imú. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ ń ta síni nímú bíi tínà tí àwọn apẹ́ńtì ń lò, ó sì kan díẹ̀. Mo yí ìdí ìgò náà sókè láti ka nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ìgò kan ṣì kù nílẹ̀ lára ọjà ọjọ́ náà, nọ́mbà kan náà ló wà ní ìdí rẹ̀. Mo ṣí i, mo fọ́n ọn sórí bébà kejì, ọsàn wẹ́wẹ́ gidi ló jáde. Ọmọkùnrin náà gbóòórùn méjèèjì, ó dákẹ́.

"Ibo lo ń gbé e sí?"

"Ojú fèrèsé ni, mà. Ó máa ń dán níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn tó máa ń kọ́kọ́ lu imú nínú ọ̀pọ̀ lọ́fíńdà jẹ́ ti èèpo ọsàn àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí a ti máa ń fún èèpo ọsàn síná àbẹ́là lọ́mọdé, kó lè ta pàrà? Nínú òróró tó ń fọ́n jáde yẹn, ohun kan tí wọ́n ń pè ní límónínì ló kó ìdá tó lé ní 90 nínú 100. Límónínì kì í pẹ́ gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti gbà á, òórùn rẹ̀ á yí padà. Línálúùlù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú láfẹ́ńdà ni èyí pọ̀ sí, ewéko tí a ti rí orúkọ "lọ́fíńdà" gan-an. Ooru ń mú kí iṣẹ́ ọ́síjìn yìí yá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń ti í lẹ́yìn. Gíláàsì fèrèsé kì í dá gbogbo ìtànṣán tó ń ba nǹkan jẹ́ dúró, ìgò tó mọ́ gaara kì í sì í dá púpọ̀ dúró.

Òórùn igi sándá, másìkì àti fànílà tó máa ń gbẹ̀yìn jáde ní tiwọn kì í tètè yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lọ́fíńdà tó ti kan fi máa ń burú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó wá dà bíi pé ó ti padà sípò. Bébà ti ọmọkùnrin yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí a fi máa sọ̀rọ̀ tán, ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, ẹ má fi òórùn tó kù lára aṣọ lálẹ́ dá ẹjọ́ ìgò. Ẹ má sì fi fífọ́n àkọ́kọ́ dá a, bí ẹ bá ti pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí èyí tó wà nínú pọ́ńpù nìkan lè ti bàjẹ́. Ẹ fọ́n bíi mẹ́ta dànù ná.

Àwọ̀ tó yí padà nìkan kò tó ẹ̀rí. Lọ́fíńdà tí fànílà pọ̀ nínú rẹ̀ lè di aláwọ̀ tíì láì tíì bàjẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn kì í gbé tiwọn sí fèrèsé, ilé ìwẹ̀ ni. Ó tún burú bákan náà, kì í ṣe torí pé omi ń wọnú ìgò. Bí omi gbígbóná bá ti ń ṣàn, afẹ́fẹ́ inú ìgò á wú, díẹ̀ á sì wá ọ̀nà jáde lẹ́nu pọ́ńpù. Bó bá tutù, afẹ́fẹ́ tuntun á wọlé. Ìgò náà ń mí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti inú ọkọ̀ kò gba àlàyé: dáṣíbọ́ọ̀dù tó wà nínú oòrùn lè gbóná kọjá dígírì Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 60, ọtí inú lọ́fíńdà sì ń gbaná.

Fíríìjì ńkọ́? Àwọn tó ń dámọ̀ràn rẹ̀ gbọ́n, bí iná bá dúró. Ní Fẹ̀sáì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Párísì, ilé kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, Ọsimotẹ́ẹ̀kì lorúkọ rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn lọ́fíńdà àtijọ́. Dígírì 12 ni wọ́n fi wọ́n sí, nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nù bo ojú wọn kí ọ́síjìn má bàa kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kó má yí padà. Fíríìjì tiwa tó tutù ní òru, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọ̀sán tí wọ́n múná lọ, tí ọmọdé ń ṣí tó ń tì í nítorí omi, òdìkejì ìyẹn ló ń ṣe. Mo fẹ́ràn ìsàlẹ̀ wádiróòbù jù ú lọ. Ẹ fi ìgò sínú páálí tó bá a wá, kó dúró gbọnrangandan. Ẹ má gbé e sí pẹpẹ òkè lábẹ́ páànù, tàbí ara ògiri tó ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni èyí tí èèyàn kì í fura sí. Bí mílílítà 20 bá kù nínú ìgò 100, mílílítà 80 tó ṣófo yẹn ti kún fún afẹ́fẹ́, ọ́síjìn sì tó bíi 17 nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti tọ́jú ìgò yín fún ọdún méjì, tó wá kù díẹ̀, tí ẹ ń ṣẹ́ ẹ kù fún ọjọ́ ìyàwó, ìyẹn gan-an ni àsìkò tó ń yára bàjẹ́ jù. Ẹ lò ó tán. Ẹ̀yin tí kì í tètè lò ó tán, ìgò 30 ni kí ẹ máa rà. Kí ẹ máa dà á láti inú ìgò kan sí òmíràn torí pé ìgò náà rẹwà, afẹ́fẹ́ tuntun lẹ ń fi kún un ní gbogbo ìgbà, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n.

Èyí tó ti kan, ẹ má tún fi sára. Límónínì àti línálúùlù tó ti gba ọ́síjìn lè mú kí ara yún tàbí kó lé, kódà lára ẹni tí kò yún tẹ́lẹ̀.

Lára páálí, ẹ lè rí àwòrán agolo tí ìdérí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 36M sí. Oṣù 36 lẹ́yìn ṣíṣí ló ń sọ, àmọ́ ta ló ń rántí ọjọ́ tó ṣí ìgò? Mo fún ọmọkùnrin náà ní ẹ̀dínwó lórí ìgò kejì, mo mú báírò, mo kọ ọjọ́ náà sí ìdí páálí kí n tó gbé e fún un. Ó bi mí pé ṣé kí òun sọ páálí nù bó bá délé.

"Bí o bá sọ ọ́ nù," mo ní, "má padà wá bá mi."