Ìpín Kẹsàn-án: bí mo ṣe fi ìwé àdéhùn elédè méjì wéra

Ìwé àdéhùn ilé ni. Lọ́yà ló kọ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé ohun tí ọ̀kan sọ náà ni èkejì sọ.

Mo kọ́kọ́ ka iye ìpín, mo yẹ orúkọ, ọjọ́ àti iye owó wò. Wọ́n bára mu. Lẹ́yìn náà ni mo pa ti Gẹ̀ẹ́sì dé. Mo ka Yorùbá nìkan, mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò ṣe é, fún ta, ìgbà wo, ṣé dandan ni? Ọjọ́ kejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ka méjèèjì pọ̀, ohun tí Yorùbá kò sọ ni ọkàn mi yóò máa bá a sọ.

Ìpín 9 ló mú mi jókòó pẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ rè é: “Bí ayálégbé bá ti kó jáde, tí ó sì ti fún onílé ní kọ́kọ́rọ́, ó lè dá owó ìdógò padà ní ọjọ́ kẹrìnlá.” Ó dùn ún kà, àbí? Ṣùgbọ́n ta ni “ó” kejì yẹn? Ayálégbé ni gbólóhùn náà ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ onílé ni Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, “lè” sì yọ̀ǹda.

Ti ọjọ́ ló fara sin jù. “Ní ọjọ́ kẹrìnlá” kì í ṣe “láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá” tí Gẹ̀ẹ́sì sọ. Àwa a sì máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn: ìdí nìyẹn tí ìjẹta fi ní ẹẹ́ta nínú, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Mo bi lọ́yà léèrè kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun kò ka ọjọ́ tí ayálégbé kó jáde mọ́ ọn, ó sì fi ìyẹn kún Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ náà, torí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí: “Onílé gbọ́dọ̀ dá owó ìdógò padà fún ayálégbé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ayálégbé kó jáde tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni ọjọ́ kìíní.” Mo pe onílé lónílé, ayálégbé láyálégbé, ibi tí “ó” bá ti lè ṣini lọ́nà. Ó wúwo díẹ̀ lẹ́nu, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Mo wá fún ẹ̀gbọ́n kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ayálégbé bá kó jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù, ta ni yóò san owó, ìgbà wo ni gbèdéke?” Wọ́n fi ìka ka ọjọ́, wọ́n ní, “Onílé ni. Kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.”