Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí fóònù kùnà láti dá orin tí ẹ fimú kọ mọ̀

Òkun o, ẹ̀yin olórí kúáyà Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ìyàrà àti gbogbo agbègbè wa. Mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún kúáyà láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì la fi ń kọ́ orin. Ó sì ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdarí tí wọ́n ń jó dátà lórí ohun tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n á fimú kọrin sí fóònù, fóònù á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tún un kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n, ló bá di pé wọ́n sanwó fún áàpù mìíràn. Irinṣẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ o. Ohùn tí ẹ ń gbé fún un ló ń fa wàhálà.

1. Ẹ má fimú kọrin sí Shazam. Rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an ni Shazam ń wá. Ó máa ń sàmì sí àwọn ibi tí ìró ti le jù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn àmì yẹn ló sì fi ń dá a mọ̀. Kò sí bí imú ènìyàn ṣe lè pe irú àmì bẹ́ẹ̀ jáde. Bí orin bá ń dún lọ́wọ́ nínú sípíkà aládùúgbò, Shazam ni kí ẹ gbé síta. Bó bá jẹ́ inú orí yín nìkan ló wà, ẹ ṣí áàpù Google, ẹ tẹ máíkì, kí ẹ tẹ “Search a song”, kí ẹ wá fimú kọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Láti oṣù Kẹwàá 2020 ló ti wà níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. SoundHound náà ń ṣe irú rẹ̀.

2. Bí ẹ bá ń súfèé, ẹ má ṣe fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín lu máíkì. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

3. Ẹ yé kọ “mmm” gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí orin bá dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ sì fi “mmm” kan ṣoṣo gbé e, ohùn mẹ́ta yẹn á di ẹyọ kan tó gùn, orin yín á sì ti yí padà. “Ná-ná-ná” ni kí ẹ lò, torí “n” inú rẹ̀ ló ń ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

4. Èyí ló ń bí mi nínú jù, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà á: ẹ má kọ ohùn áàlítò fún un.

Màmá kan láti Mọ̀pà wá bá mi nígbà tí wọ́n ń múra ìkórè. Orin kan wà tó ń wù wọ́n pé kí kúáyà wọn kọ, wọ́n sì ti fimú kọ ọ́ sí fóònù ọmọ wọn títí ó fi sú wọn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo béèrè pé, “Màmá, ẹ má bínú, ohùn wo lẹ máa ń kọ nínú kúáyà?” Wọ́n ní, “Áàlítò ni, ọmọ mi. Ó ti lé lógún ọdún.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohùn tó mọ́ wọn lára ni wọ́n ń kọ, wọn ò sì mọ̀ pé kì í ṣe orin yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí irinṣẹ́ yìí ń ṣe. Ó máa ń bọ́ gbogbo aṣọ lára orin: ìlù, gìtá, ọ̀rọ̀, àti irú ohùn tí ẹni tó ń kọ ọ́ ní. Ohun tó kù ni ipa ọ̀nà tí orin ń gbà, ibi tó ti gòkè, ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, ibi tó ti dúró, àti bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Lọ́dún 1995 tí àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cornell tẹ ìwé nípa irú ìwádìí yìí, “ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró” nìkan ni wọ́n lò. Ti òde òní ń wò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà yẹn náà ló ń tọ̀. Ìdí nìyí tí kíì tí ẹ fi kọ ọ́ kò fi já mọ́ nǹkan kan. Ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e sílẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ohùn sóprànò kan wò ó: d m s m r d. Ó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Áàlítò tó bá a rìn lè jẹ́ d d m d t d, tí t yẹn wà nísàlẹ̀. Ó dúró, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gòkè. Ní etí tiwa orin kan náà ni, torí a ti ń gbọ́ méjèèjì pọ̀ láti kékeré. Lójú irinṣẹ́, orin méjì tí kò bára tan ni. Mo ní kí ọmọ màmá, tó ń kọ sóprànò, fi “ná-ná-ná” kọ ègbè rẹ̀. Orin náà ló kọ́kọ́ jáde.

Ègbè ni mo sọ o, mi ò sọ pé lílé. Àṣìṣe mìíràn tó tún ń dá yín dúró nìyẹn. Nínú orin wa, ẹni tó ń lé orin lómìnira láti yí i padà bó ṣe wù ú, ó lè fi oríkì sí i, ó lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Bí ẹ ṣe gbọ́ lílé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣeré fún yín lè má jọ ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù rárá. Ègbè kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jọ mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì so ìparí lílé mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ègbè bíi pé ẹnì kan ló ń kọ méjèèjì, pàápàá níbi tí ègbè ti máa ń wọlé kí lílé tó tán. Ọ̀pọ̀ ègbè wa kúrú, wọn ò sì kọjá d r m s l, nítorí náà ẹ kọ ọ́ yíká lẹ́ẹ̀mejì kó lè pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹ bá dá a dúró kíákíá, orin tó jọ ọ́ á pọ̀ jù.

Ẹ sì máa wo èsì dáadáa kí ẹ tó bínú. Google máa ń kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bó ṣe jọ ohun tí ẹ kọ tó. Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí orin tó ń gbé wá sì ń yàtọ̀ síra pátápátá, ohùn yín ni kò dúró lójú kan. Ẹ fi orin kan tí gbogbo ayé mọ̀ dán an wò. Bó bá mọ ìyẹn, a jẹ́ pé máíkì yín dára. Bó bá wá jẹ́ pé àwọn orin kan náà ló ń mú wá nígbà gbogbo, tí ìdá wọn kéré, tí kò sì sí tiyín níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí orin yín má sí nínú àkójọ rẹ̀ rárá.

Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Orin tí wọ́n kọ níbi ìsìnkú ní Ìyàrà, tí ẹnì kan fi fóònù gbà, tó sì ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, kò tíì dé ibi tí irinṣẹ́ yìí ti lè bá a pàdé. Kò sí imú tó lè fà á jáde níbẹ̀, ẹ má sì sanwó fún ẹni tó bá ní òun ní áàpù tó lágbára jù. Ẹ gba ègbè rẹ̀ sílẹ̀ bíi fọ́ìsì nóòtì, kí ẹ sọ ìlú àti ayẹyẹ tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí àwọn olórí kúáyà agbègbè ibẹ̀.