Gàrí tó jáde ni kẹ́ ẹ fi wọn pákí, kì í ṣe gàrí tẹ́ ẹ rò

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ gàrí kan lápá Ìjẹ̀bú-Igbó. Òdiwọ̀n wọn ni pé kílò gàrí kan á gba kílò pákí mẹ́rin, tèèpo-tèèpo, ní 150 náírà kílò kan. Wọ́n gbèrò láti yan 1,200 kílò gàrí lọ́sẹ̀ kan, èyí tí yóò jẹ 4,800 kílò pákí. Nígbà tọ́sẹ̀ parí, 4,600 kílò ni wọ́n lò. Súpáfáísọ̀ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun dín 200 kílò kù.

Òun gan-an ni àṣìṣe tí mo ń rí jù. 1,000 kílò gàrí péré ló jáde lórí agbada. Iye pákí tó yẹ kí 1,000 kílò yẹn jẹ ni 4,000. Kò dín 200 kù rárá, ó fi 600 lé e ni. 600 lọ́nà 150 jẹ́ 90,000 náírà: òfò ìlò nìyẹn. 150 òdiwọ̀n la fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á lọ́jà, torí súpáfáísọ̀ kọ́ ló dúnàá dúrà.

Ẹni tó ra pákí ná tirẹ̀ sí 140 náírà. Ó jèrè náírà mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan 4,600 kílò, ìyẹn 46,000, ó sì ń yọ̀. Ẹ má bá a yọ̀ kíá. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ la pákí náà. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú-dúdú nínú ẹran rẹ̀, ó ti ju ọjọ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n ti wú u, kò sì sí obìnrin tó ń bó o tí kò ní gé ibẹ̀ dànù. Ẹ kó àgédànù yẹn sí agbọ̀n tirẹ̀, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ká ní ó wọn 350 kílò, 52,500 náírà nínú òfò ìlò yẹn ti ọwọ́ ẹni tó rajà wá, ó sì ti ju èrè rẹ̀ lọ. 250 tó kù ni kẹ́ ẹ wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń bó èèpo nípọn, tàbí nínú pákí olómi ìgbà òjò. Bí ẹ ò bá wọn àgédànù lọ́tọ̀, ẹ̀yin súpáfáísọ̀ nìkan ni wọ́n á dá lẹ́bi.

Èyí tó kù kan àwa Ìjẹ̀bú ju àwọn mìíràn lọ. Gàrí wa máa ń kan fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dórí iná. Pákí tí ẹ rin ní Ọjọ́bọ̀ lè wà nínú àpò títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má kà á mọ́ ìlò ọ̀sẹ̀ yìí. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ ka àpò tó wà lábẹ́ òkúta, ẹ kọ iye kílò pákí tó wọ inú wọn, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó ṣírò.